Kí Ẹ Tó Fọwọ́ Sí Ìwé Ẹ̀yáwó: Ibi Tí Bánkì Ti Lè Pe Gbogbo Owó Padà Lọ́jọ́ Kan

Ọ̀rọ̀ àsọyé níwájú àwọn oníṣòwò kéékèèké, Ìbàdàn

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ti ṣọ́ọ̀bù sáré wá, mo kí yín o. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú àfarabalẹ̀. Mo rí i pé àwọn oníbúrẹ́dì ló pọ̀ jù níwájú níbí, nítorí náà oníbúrẹ́dì ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ lónìí. Kí àwọn aránṣọ àti àwọn onílọta má bínú; ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ìwé ẹ̀yáwó síwájú yín kẹ́yìn, kí lẹ kọ́kọ́ wò? Iye owó. Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́? Èlé. Lẹ́yìn èlé? Ibi tí wọ́n fa ìlà sí pé kí ẹ fọwọ́ sí. Ẹ ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ mọ̀ pé bó ṣe rí nìyẹn. Láàárín èlé àti ìlà ìfọwọ́sí yẹn, ojú ewé mẹ́rin tàbí márùn-ún ló wà níbẹ̀ tí a kì í kà. Inú rẹ̀ ni mo fẹ́ kí a jọ wọ̀ lónìí.

Láyé àwọn bàbá wa, bí èèyàn bá jẹ oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà lówó aṣọ, ọkùnrin náà á wá sílé rẹ̀, á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà, á ní òun ò ní dìde àfi bí òun bá gbowó òun. Òun ni wọ́n ṣe ń pè wọ́n ní òṣómàáló. Ó máa ń dójú tini, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: owó tí àsìkò rẹ̀ ti tó ni òṣómàáló wá gbà. Bánkì òde òní kì í lóṣòó, kì í pariwo, àmọ́ ìwé tí ẹ fọwọ́ sí lè fún un lágbára láti béèrè owó tí àsìkò rẹ̀ ò tíì tó. Owó ọdún tó ń bọ̀, ó lè ní kí ẹ san án lónìí. Báwo ló ṣe ń dé ibẹ̀? Ìpele mẹ́ta ni: májẹ̀mú, ìtàpá, ìpepadà. Bí májẹ̀mú bá dà, ó di ìtàpá. Bí ìtàpá bá ti wà, bánkì lè pe gbogbo owó padà.

Ẹ jẹ́ ká mú obìnrin kan, ká máa pè é ní Ìyá Oníbúrẹ́dì. Àpèjúwe lásán ni, kí ẹnikẹ́ni má wo ẹnì kejì rẹ̀. Ó yá ₦6,000,000 láti ra ààrò tuntun àti fùláwà. Oṣù 24 ni yóò fi san án. Èlé rẹ̀ jẹ́ 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù, fúláàtì. Ìyẹn ni pé orí mílíọ̀nù mẹ́fà ni wọ́n ti ń ṣírò èlé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bó ti wù kó ti san tó. Lóṣooṣù, yóò san ₦250,000 ojú owó àti ₦150,000 èlé. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦400,000, ọjọ́ 28 oṣù ni yóò sì máa san án. Ẹ fi iye yẹn sọ́kàn, a máa padà síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kìíní: májẹ̀mú

Májẹ̀mú inú ìwé ẹ̀yáwó ni gbogbo ohun tí ẹ ṣèlérí pé ẹ máa ṣe, àti èyí tí ẹ ṣèlérí pé ẹ kò ní ṣe, títí gbèsè náà á fi tán. Ọ̀rọ̀ pé ẹ máa san owó kọ́ nìyí o. Ìyẹn wà lọ́tọ̀. Èèyàn lè máa san owó oṣooṣù rẹ̀ géérégé, kí ó sì ti da májẹ̀mú tipẹ́tipẹ́ láìmọ̀.

Èyí tó ń mú oníṣòwò kékeré jù ni májẹ̀mú owó títà. Wọ́n á kọ ọ́ pé ẹni tó yáwó gbọ́dọ̀ máa jẹ́ kí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń pa gba inú akáúńtì rẹ̀ ní bánkì yìí kọjá. Ó dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n ìdá 70 nínú owó wo? Ṣé owó tí ẹ pa lóòótọ́ ni, àbí owó tí ẹ kọ sí fọ́ọ̀mù nígbà tí ẹ ń tọrọ ẹ̀yáwó? Nítorí kí wọ́n lè yá a ní mílíọ̀nù mẹ́fà, Ìyá Oníbúrẹ́dì kọ ọ́ pé òun ń ta ₦5,000,000 lóṣù. Òótọ́ ibẹ̀ ni ₦3,200,000. Bí bánkì bá fi iye inú fọ́ọ̀mù ṣírò, ìdá 70 nínú mílíọ̀nù márùn-ún jẹ́ ₦3,500,000. Ẹ gbọ́ o! Bó kó gbogbo owó tó pa lóṣù, tí kò yọ kọ́bọ̀ kan jẹun, sínú akáúńtì yẹn, kò ní pé. Oṣù kìíní gan-an ló ti da májẹ̀mú, kí ọjọ́ 28 àkọ́kọ́ tó pé. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó tún wá burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí irọ́ tó wà nínú fọ́ọ̀mù, ìtàpá ni lọ́tọ̀ fúnra rẹ̀.

Ẹ tún wo ẹ̀rọ POS tó wà ní ṣọ́ọ̀bù yín. Ta ló ni ín? Bí kì í bá ṣe ti bánkì tó yá yín lówó, owó tí oníbàárà ń san níbẹ̀, ibòmíràn ló ń lọ, wọn kò sì ní kà á fún yín. Ẹ ṣètò ìyẹn kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé. Ẹ sì ní kí wọ́n kọ ọ́ kedere pé owó tí ẹ pa lóòótọ́ ni wọn yóò fi ṣírò, àti pé oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọn yóò máa wò ó, kí ó má jẹ́ oṣooṣù. Oṣù ààwẹ̀ àti oṣù Kérésì ò lè dọ́gba lójú oníbúrẹ́dì.

Májẹ̀mú kejì tí mo fẹ́ fọwọ́ kàn ni ti gbèsè mìíràn. «Ẹni tó yáwó kò gbọdọ̀ jẹ gbèsè kankan láìgba ìyọ̀ǹda bánkì lákọsílẹ̀.» Gbèsè kankan! Ẹ̀yin oníbúrẹ́dì, ta ni nínú yín tí kì í gba fùláwà láwìn? Ẹni tó bá wà, kó nawọ́ sókè. N kò rí ọwọ́ kankan. Bí ìwé yẹn ṣe kọ ọ́, àpò fùláwà ogún tí alágbàtà gbé fún yín pé kí ẹ san án lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, gbèsè ni. Owó tí ẹ yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ yín, gbèsè ni. Ẹ ò ní láti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yọ májẹ̀mú náà kúrò. Wọn ò ní gbà, kò sì yẹ kí wọ́n gbà. Ẹ kàn ní kí wọ́n fi gbólóhùn kan kún un: «yàtọ̀ sí ọjà àti èlò iṣẹ́ tí a rà láwìn tí a ó san láàárín 60 ọjọ́, àti ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tí kò ju ₦500,000 lọ». Gbèsè tí ẹ ti ń jẹ tẹ́lẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé náà. Ohun tí bánkì ti mọ̀ kí ó tó yá yín lówó, ó ṣòro kí ó tó padà wá pè é ní ẹ̀ṣẹ̀.

Ti títa ohun èlò, màá yára kọjá níbẹ̀. Láti ọdún 2017 ni òfin ti wà ní Nàìjíríà tó gbà kí ohun tó ṣeé gbé, bí ẹ̀rọ àti ọjà, jẹ́ ìdógò, kí wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ìjọba. Nítorí náà, ààrò àtijọ́ tí ẹ fẹ́ tà kí ẹ fi owó rẹ̀ kún tuntun, ẹ wò ó bóyá ó wà nínú ohun tí ẹ fi dógò. Bó bá wà níbẹ̀, ẹ gba ìwé ìyọ̀ǹda kí ẹ tó tà á.

Ọ̀rọ̀ kejì: ohun tí wọ́n kà sí ìtàpá

Ibí yìí ni ìwé ti ń to àwọn nǹkan tó bá ṣẹlẹ̀ tí bánkì á fi ní ẹ ti tàpá sí àdéhùn. Ẹ má jẹ́ kí ó rẹ̀ yín láti kà á. Owó tí kò wọlé lọ́jọ́ rẹ̀ ló máa ń wà lókè pátápátá, ẹ sì jẹ́ ká wo bó ṣe ń mú ẹni tí kò ṣe nǹkan kan.

Ìyá Oníbúrẹ́dì ti san owó oṣù mẹ́jọ láìyẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án, ó fi ₦400,000 sínú akáúńtì ní ọjọ́ 26, ó padà sídìí ààrò rẹ̀. Ní ọjọ́ 27, bánkì yọ ₦12,000 nínú akáúńtì kan náà, owó ìbánigbófò ààrò tí wọ́n ń sọ dọ̀tun lọ́dọọdún. Ó wà nínú ìwé tó fọwọ́ sí pé wọ́n lè yọ ọ́. Ó ku ₦388,000. Nígbà tó di ọjọ́ 28, kọ̀ǹpútà wá gba ₦400,000, kò bá a. Àlẹ́ẹ̀tì wọlé sórí fóònù, àárín ìyẹ̀fun sì ni fóònù wà. Ìwé rẹ̀ sọ pé «bí iye kankan kò bá wọlé ní ọjọ́ tó yẹ». Iye kankan. ₦12,000 jẹ́ iye kankan. Ìtàpá ti ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

Kí ni ó yẹ kó wà nínú ìwé náà? Ọjọ́ àánú. Ẹ béèrè ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún lẹ́yìn ọjọ́ ìsanwó kí wọ́n tó lè pè é ní ìtàpá. Ẹ̀bẹ̀ kékeré ni, wọ́n sì máa ń gbọ́ ọ. Fún májẹ̀mú yòókù, irú ti owó títà àti ti àwìn, ẹ béèrè ọjọ́ 14 láti tún un ṣe, kí kíkà ọjọ́ náà sì bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí bánkì bá kọ̀wé sí yín. Ẹ wá wo àdírẹ́sì tí wọ́n kọ pé wọn yóò fi ìwé ránṣẹ́ sí. Ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀yáwó ló ń sọ pé lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ tí wọ́n bá ti fi lẹ́tà ránṣẹ́, a ti kà á sí pé ó tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ rí i o, ẹ ò rí i o. Bó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀bù tí ẹ ti kó kúrò lọ́dún tó kọjá ló wà níbẹ̀, tàbí ímeèlì tí ọmọ yín ṣí fún yín tí ẹ ò mọ bí wọ́n ṣe ń wọlé sí i, ọjọ́ 14 yẹn á tán láìjẹ́ pé ẹ gbọ́.

Ìtàpá tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ti gbèsè ibòmíràn. Ìwé á ní bí ẹni tó yáwó, tàbí onídùúró rẹ̀, bá kùnà láti san gbèsè kankan fún ẹnikẹ́ni, ìtàpá ni sí wa. Onídùúró Ìyá Oníbúrẹ́dì ni àbúrò ọkọ rẹ̀. Ọmọkùnrin yẹn yá ₦30,000 lórí fóònù, kò san án. Lójú ìwé, Ìyá Oníbúrẹ́dì ti tàpá sí àdéhùn mílíọ̀nù mẹ́fà. Ará ilé ẹni ń jẹ kòkòrò búburú, bí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn. Ohun méjì lẹ lè béèrè níbí. Kí wọ́n fi iye sí i, pé gbèsè tó bá ju ₦1,000,000 lọ nìkan ni wọn yóò kà. Kí ó sì jẹ́ pé ìgbà tí olówó ọ̀hún bá ti pe gbogbo owó rẹ̀ padà nìkan ni yóò kàn yín, kí ó má jẹ́ ọjọ́ tí onítọ̀hún kàn pẹ́ san.

Èyí tó kù ni «bí, lójú bánkì, ìyípadà burúkú bá dé bá òwò ẹni tó yáwó». Lójú bánkì! Bí fùláwà bá wọ́n sí i, ṣé ìyípadà burúkú kọ́ nìyẹn? Ẹni kékeré ò lè yọ gbólóhùn yìí kúrò, ẹ má tan ara yín. Ẹ kàn bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi kún un pé ìyípadà náà gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tí kò ní jẹ́ kí ẹ lè san owó oṣooṣù mọ́, kí wọ́n sì kọ ìdí rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín.

Ọ̀rọ̀ kẹta: ìpepadà

Ẹ sún mọ́ mi níbí, torí ibí ni owó wà.

Ẹ rántí pé Ìyá Oníbúrẹ́dì ti san ẹ̀ẹ̀mẹjọ, ₦3,200,000. Ojú owó tó kù jẹ́ ₦4,000,000. Bánkì wá kọ̀wé pé nítorí ₦12,000 tí kò pé yẹn, àwọn pe gbogbo owó padà. Èló ni «gbogbo owó»? Ẹ jẹ́ ká ṣe é bí ẹni pé wọn ò tíì fọwọ́ kan ₦388,000 tó wà nínú akáúńtì, kí ìṣirò má baà díjú.

Bí ìwé bá sọ pé «ojú owó tó kù àti èlé tó ti gorí rẹ̀ di ọjọ́ náà», ₦4,000,000 àti èlé oṣù kẹsàn-án ni, ₦4,150,000. Bí ìwé bá sì sọ pé «gbogbo owó tó kù láti san lábẹ́ àdéhùn yìí», ₦400,000 lọ́nà mẹ́rìndínlógún ni, ₦6,400,000. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: obìnrin yìí yá mílíọ̀nù mẹ́fà, ó ti san mílíọ̀nù mẹ́ta lé igba ẹgbẹ̀rún, wọ́n sì tún ń béèrè ju iye tó yá lọ. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín gbólóhùn méjèèjì jẹ́ ₦2,250,000. Èlé oṣù 15 ni, lórí owó tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí tí kò ní sí lọ́wọ́ rẹ̀ lóṣù 15 yẹn. Nítorí náà, bí ẹ ò bá lè béèrè ju ohun kan lọ nínú gbogbo ìwé náà, èyí ni kí ẹ béèrè: ojú owó, àti èlé di ọjọ́ ìpepadà nìkan.

Owó ìtanràn tún ń tẹ̀lé e. Ká ní ìwé rẹ̀ sọ pé 1 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù lórí owó tó ti kọjá ọjọ́. Kí wọ́n tó pe owó padà, ₦12,000 ló kọjá ọjọ́, ìtanràn rẹ̀ jẹ́ ₦120 lóṣù. Owó tí kò tó nǹkan ni. Lẹ́yìn tí wọ́n bá pe gbogbo rẹ̀ padà, gbogbo ₦6,400,000 ló kọjá ọjọ́. Ìtanràn di ₦64,000 lóṣù. Ìdá ìtanràn kò yí padà o, 1 nínú ọgọ́rùn-ún náà ni. Ohun tí wọ́n ń ṣírò rẹ̀ lé lórí ló wú.

Ẹ wá wo bí ìpepadà ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Nínú ìwé mìíràn, fúnra rẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀ bí ìtàpá bá ti wáyé. Bánkì ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Nínú òmíràn, bánkì gbọ́dọ̀ kọ̀wé. Ẹ yàn èyí tí wọ́n á ti kọ̀wé, kí ẹ sì wá ọ̀rọ̀ yìí nínú rẹ̀: «níwọ̀n ìgbà tí ìtàpá náà bá ṣì wà». Bí ọ̀rọ̀ yẹn bá wà níbẹ̀, tí ẹ sì ti san ₦12,000 ní ọjọ́ kejì, lẹ́tà tó dé lẹ́yìn náà kò ní ẹsẹ̀ tó máa fi dúró. Bí kò bá sí níbẹ̀, wọ́n lè fi ẹ̀ṣẹ̀ oṣù kẹta tí ẹ ti tún ṣe pe owó padà ní oṣù kẹwàá.

Àmọ́ gbogbo ohun tí mo ti ń sọ yìí, gbólóhùn kan lè pa á rẹ́. Ẹ wá a lójú ewé tó kẹ́yìn: «Bánkì lè pe ẹ̀yáwó yìí padà nígbàkígbà, láìka ohunkóhun tó wà lókè sí.» Bó bá jẹ́ ofadírááfù ni, bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí. Ṣùgbọ́n fún ẹ̀yáwó oṣù 24, kò yẹ kó wà níbẹ̀, torí ó sọ oṣù 24 di ọjọ́ tó bá wu bánkì. Ẹ ní kí wọ́n fi «bí ìtàpá bá ṣẹlẹ̀» kún un.

Ẹ tún rántí pé wọn ò ní wá sẹ́nu ọ̀nà yín. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni ètò GSI ti Báǹkì Àpapọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Fọ́ọ̀mù rẹ̀ máa ń wà lára ìwé tí ẹ ń fọwọ́ sí. Nípasẹ̀ nọ́ńbà BVN yín, bánkì tí ẹ jẹ ní gbèsè lè gba ojú owó àti èlé tó ti tó san nínú akáúńtì tí ẹ ní sí bánkì mìíràn. Ètò náà kò gba owó ìtanràn láyè. Ẹ rí bó ṣe so mọ́ ìpepadà: kí wọ́n tó pe owó padà, ₦12,000 ló tó san. Lẹ́yìn rẹ̀, mílíọ̀nù ló tó san, owó ilé ìwé ọmọ tí ẹ fi pamọ́ sí bánkì kejì sì wà lójú ọ̀nà.

Ìbéèrè kan láti àárín ìjókòó

Ìyá kan níbẹ̀ yẹn ní: «Akáúńtì ọ́físà mi sọ fún mi pé kò séwu, bí mo bá pẹ́ ọjọ́ mẹ́ta, òun á bá mi bójú tó o. Ṣé ìyẹn ò tó ni?»

Ẹ ṣeun, Mà. Kò tó. Ẹ wá ibi tí ìwé ti sọ pé bí bánkì bá gbójú fo ìtàpá lẹ́ẹ̀kan, kò túmọ̀ sí pé ó ti yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ìwé ẹ̀yáwó tí kò sí nínú rẹ̀. Ìyẹn ni pé bí ẹ bá fi ọjọ́ mẹ́ta pẹ́ san fún oṣù márùn-ún, tí wọ́n gba owó yín láìbá yín wí, wọ́n ṣì lè fi ti oṣù kẹfà mú yín. Akáúńtì ọ́físà yẹn sì lè ti lọ sí ẹ̀ka mìíràn nígbà náà. Bó bá sọ fún yín lẹ́nu, ẹ padà sílé, ẹ kọ ọ́ sí i lórí ímeèlì: «Gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe sọ lónìí, ọjọ́ báyìí, pé kí n san owó oṣù yìí ní ọjọ́ 31.» Ẹ dúró de èsì rẹ̀. Ìgbà tí èsì bá dé ni kí ẹ fọkàn balẹ̀, oṣù yẹn nìkan ló sì wà fún.

Bí wọ́n bá ní àwọn ò lè yí ìwé padà rárá, torí láti orílé-iṣẹ́ ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, ẹ ní kí wọ́n kọ lẹ́tà ẹ̀gbẹ́ kan tí bánkì fọwọ́ sí, kí nǹkan mẹ́ta wà nínú rẹ̀: ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún fún owó oṣooṣù, lẹ́tà ọjọ́ 14 kí ìpepadà tó bẹ̀rẹ̀, èlé di ọjọ́ ìpepadà nìkan. Bí wọn ò bá gba ìyẹn náà, ẹ dín ohun tó wà lọ́wọ́ tiyín kù. Ẹ kọ owó tí ẹ ń tà gan-an sí fọ́ọ̀mù, kódà bí wọ́n á bá yá yín ní mílíọ̀nù mẹ́rin dípò mẹ́fà. Ẹ béèrè ọjọ́ tí wọn yóò máa yọ owó ìbánigbófò àti owó mìíràn, kí ẹ kọ ọ́ sára kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀bù. Kí ẹ sì máa jẹ́ kí ₦50,000 kù nínú akáúńtì yẹn lórí owó oṣù, tí ẹ ò ní fọwọ́ kàn títí ẹ̀yáwó á fi tán.

Ìyá, ẹ jókòó. Ẹni tó nawọ́ lẹ́yìn yẹn ńkọ́, ẹ sọ tiyín.